Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Ọlọ́mọ Sọ̀rọ̀ Kí Asọ̀tàn Tó Dá Sí I

Bí ẹgbẹ́ aláàánú bá gbé fíìmù ìlera dé ìgbèríko wa, ohùn kan ṣoṣo ni a sábà máa ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn ọkùnrin tó mọ̀wé ni. Ó dùn, ó sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Dókítà yóò yọjú díẹ̀, alága yóò yọjú díẹ̀. Ìyá kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn yóò yọjú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ń la ẹnu báyìí, ohùn ọkùnrin náà ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń fi owó ṣòfò, ó sì lè fi ẹ̀mí ọmọ ṣòfò. Ìyá ọlọ́mọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Asọ̀tàn, ìyẹn ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí a kì í rí ojú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá sí i àyàfi níbi tí ọ̀rọ̀ ìyá náà kò bá lè dé.

N kò jókòó sílé ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ aláàánú kan pè mí pé kí n bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ìwé fíìmù kan nípa gìrì ọmọdé. Fíìmù oníṣẹ́jú méjìlá ni, tí wọn yóò máa fi han àwọn ará Ìkirè ní ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, àwọn ará Àpòmù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, àti àwọn abúlé tó yí ìlú méjèèjì ká. Ìwé fíìmù kò ṣòro láti mọ̀. A pín ojú ìwé sí méjì: ohun tí ojú yóò rí wà ní apá òsì, ohun tí etí yóò gbọ́ wà ní apá ọ̀tún. Ìwé tí wọ́n gbé fún mi ti kún kí n tó dé ibẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ ní ìgboro, apá ọ̀tún rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú fún ọ̀rọ̀ asọ̀tàn. Níbi mẹ́ta péré ni wọ́n kọ ọ́ sí pé "ìyá kan sọ̀rọ̀ níbí." Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí n sì wá ìyá mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ó wà nínú ìwé náà. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, ohun tó sọ ni pé: "Ibà ni ó sábà máa ń fa gìrì nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, dókítà kò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá àgbà tó jókòó sórí àpótí ní Wásinmi yóò gbọ́ nínú rẹ̀? Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa, oòrùn àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń fa ibà. Àgbẹ̀ ló ń ní in lẹ́yìn tó bá ti roko kòkó dọ́sàn-án. Gìrì ní tirẹ̀, òtútù ló ń fà á: ilẹ̀ tútù, atẹ́gùn òru, òjò. Àwọn onímọ̀ ìlera tí wọ́n ṣèwádìí láàrin àwa Yorùbá ti kọ èyí sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni tó bá sì bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí asọ̀tàn bá ní ibà ló ń fa gìrì, ohun tí ìyá àgbà gbọ́ ni pé oòrùn ló ń fa òtútù. Kò ní bínú, kò sì ní jiyàn. Yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn ọmọdé òde òní kò mọ nǹkan kan.

Ẹ sì wo ohun tó rọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́ yìí. Ẹni tó gbà pé òtútù ló mú ọmọ yóò gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà súnmọ́ iná kí ó lè móoru. Yóò gbé àgbo tútù wá, èyí tí wọ́n fi ewé tábà, ìtọ̀ màlúù àti àwọn nǹkan mìíràn ṣe, yóò sì fi ṣíbí la eyín ọmọ láti dà á sí i lẹ́nu. Iná ń jó ọmọ lẹ́sẹ̀. Májèlé inú tábà lè dá mímí rẹ̀ dúró, àgbo náà sì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Bí ọmọ kò bá sì mọ ibi tó wà, ohun tí a dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí fíìmù náà ní láti dá dúró nìyẹn. Gbólóhùn kan láti ẹnu asọ̀tàn tí kò lójú kò lè dá a dúró.

Àṣà kí ẹnìkan máa dá sọ̀rọ̀ nínú fíìmù ìlera ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wà ní Èkó, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìlera kan tó ń jẹ́ Wílíámù Sẹ́lásì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sinimá kọ́ ará ìlú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ẹ̀ka Sinimá sílẹ̀ ní 1939 fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí, Sẹ́lásì yìí ló ṣáájú iṣẹ́ ibẹ̀. Ó gbà pé ará oko kò mọ sinimá wò. Ó ní kí àwòrán máa lọ ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má pọ̀, kí a má fi àrà kankan sí i. Mo takò ó. Àwa tí a ń wo eégún alárìnjó láti ayébáyé, tí a ń mọ ìgbà tí eégún di ọ̀nì àti ìgbà tó di òyìnbó, kò sí ohun tó ṣe ojú wa. Àìgbọ́ra-ẹni-yé kì í ti ojú wá. Inú ọ̀rọ̀ ló ti ń wá.

Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ohun kan wà tí àwọn ará ìgbà náà ṣe dáadáa, tí àwa sì ti sọnù. Púpọ̀ nínú fíìmù wọn kò ní ohùn. Bí mọ́tò sinimá bá dé ìlú, wọn a ta aṣọ funfun, ọmọ ilẹ̀ yìí kan tó gbọ́ èdè àwọn tó ń wòran a sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ẹni tí kò yé lè béèrè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì lè dáhùn. Lónìí a ti fi ohùn sínú fíìmù, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí a lè bi ní ìbéèrè mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àfi kí fíìmù fúnra rẹ̀ gbé ìbéèrè àwọn olùwòran dání. Ta ni yóò gbé e? Ẹni tó ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà rí ni, ní òru, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a pa ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ tì, kí a sì lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá lẹ́nu wò ná. Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Bí o bá bi ìyá kan pé, "Ṣé ẹ fún ọmọ ní àgbo?" yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn ìwọ tó béèrè kò ní sí nínú fíìmù, nítorí náà "bẹ́ẹ̀ ni" náà kò wúlò fún ohunkóhun. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi rìn láti ìgbà tí ara ọmọ ti kọ́kọ́ gbóná títí ẹ fi gbé e dé ọsibítù." Lẹ́yìn náà n óò dákẹ́. Ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìyá kan ní abúlé kan lẹ́yìn Àpòmù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá láìdúró. Díẹ̀ rèé nínú ohun tó sọ, tó sì gbà kí a lò láìdárúkọ òun:

"Ara rẹ̀ gbóná láti àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo ní oòrùn ló pa á. Nígbà tó di alẹ́, ojú rẹ̀ yí sókè, ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ pa dé. Ìyá ọkọ mi ní òtútù ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n gbé àgbo tútù wá, wọ́n dà á sí i lẹ́nu, ó ń pòfóló ní ọ̀fun rẹ̀. Èmi ni mo ní, ìyá, ẹ dákun, ẹ má dà á mọ́, kò mí dáadáa mọ́. Ọkọ mi sáré pe ọlọ́kadà."

Kò sí asọ̀tàn tó lè kọ gbólóhùn "ó ń pòfóló ní ọ̀fun rẹ̀" yẹn. Àwọn obìnrin tó bá gbọ́ ọ yóò fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara wọn.

Lẹ́yìn tí a bá ti gba ohùn sílẹ̀, a ó kọ gbogbo ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan sọ sínú ìwé, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó sọ ọ́. A ó gé ìwé náà sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, gbólóhùn kan sórí ìwé kan, a ó sì tò wọ́n sórí tábìlì títí ìtàn yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibi tí àlàfo bá wà láàrin wọn nìkan ni a ó ti kọ ọ̀rọ̀ fún asọ̀tàn. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo gbà pé ó ní: kí ó so ọ̀rọ̀ ẹnìkan mọ́ ti ẹlòmíràn, kí ó tún ohun tí kò tọ̀nà ṣe, kí ó sì sọ ohun tí a ó ṣe ní gbólóhùn tó ṣeé rántí. Ẹ wo bí ojú ìwé kan ṣe wá rí:

Àwòrán: Ojú ìyá náà, nínú ìloro ilé rẹ̀.
Ohùn ìyá: "Ìyá ọkọ mi ní òtútù ti wọ̀ ọ́ lára."

Àwòrán: Ọwọ́ ìyá náà lórí iwájú orí ọmọ tó ń sùn.
Ohùn asọ̀tàn: "Òtútù kọ́. Ẹ fọwọ́ kan ọmọ tí gìrì mú, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ẹ̀fọn ló gbé ibà sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí."

Àwòrán: Nọ́ọ̀sì tẹ́ bèbí oníke sórí ẹní, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.
Ohùn nọ́ọ̀sì: "Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ báyìí, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má fi àgbo sí i, ẹ má fi omi pàápàá sí i. Ẹ gbé e wá."

Ẹ ṣàkíyèsí pé asọ̀tàn kò sọ pé kí a gbà á gbọ́ nítorí pé ó kàwé. Ó ní kí a fọwọ́ kan ọmọ. Ọwọ́ ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí pé ara ọmọ gbóná, pé kò tutù. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ òtútù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Àwọn ẹgbẹ́ náà takò mí lórí kókó méjì. Àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a gé gbólóhùn òtútù àti àgbo kúrò, nítorí pé bí a bá tún irọ́ sọ, a ń polówó rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ènìyàn lè gbàgbé àtúnṣe kó sì rántí àṣìṣe. Nítorí náà mo gbà pé a kò gbọdọ̀ fi àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ fíìmù, asọ̀tàn kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe ń po àgbo náà hàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó gbọ́ ọ, láti ẹnu ẹni tí ó ti yí padà, ìdáhùn yóò sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá? Rárá o. Àṣìṣe tí a kò dárúkọ kò kúrò nílé ẹnikẹ́ni. Ìgò àgbo ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, ìyá àgbà sì lè ní, "Wọn kò sọ pé kí a má lò ó."

Ohun kejì dùn mí jù ìyẹn lọ. Wọ́n fẹ́ kí a fi ìyá ọkọ ṣe ọ̀dájú inú ìtàn náà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Bí gìrì bá mú ọmọ ní òru, ìyá àgbà ni gbogbo ilé ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tí a bá bú ní gbangba ọjà kò ní gba ìmọ̀ràn wa nínú ilé. A lọ bá ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀, a sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo rí i bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣe é. Bó bá tún di ìgbà mìíràn, èmi ni n óò kọ́kọ́ ní kí wọ́n pe ọlọ́kadà." Gbólóhùn yẹn níye lórí ju àlàyé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí àgbà ló ń fi ọ̀wọ̀ gbà fún ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó borí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà yìí gùn, ó sì gba owó. Wọ́n ní bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún asọ̀tàn kan, ọjọ́ méjì ti tó. Alágbàtà ni í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Fíìmù tí a yára ṣe tí kò yé ẹnikẹ́ni ni ó wọ́n jù, nítorí pé owó rẹ̀ lọ láìra nǹkan kan. Ohun tí ọ̀nà tèmi gbà jù ni ìjókòó. Ó tún gba kí a wá ibi tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá gbà sílẹ̀ lẹ́bàá títì ní Ìkirè, níbi tí àwọn oníṣòwò dòdò ti ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, kò ní ṣeé gbọ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá tún ń kùn lẹ́yìn aṣọ sinimá. Àkọlé kékeré nísàlẹ̀ àwòrán kò lè gbà wá níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tó wà lẹ́yìn kò ní rí i, àwọn mìíràn kò sì lè kà á.

Ibì kan ṣì wà tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti ń tan ara wọn jẹ. Bí wọ́n bá fi fíìmù hàn tán, wọn a béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ọjà a sì dáhùn pé, "Ó yé wa, ẹ kú iṣẹ́." Ọ̀wọ̀ àlejò nìyẹn, kì í ṣe òye. Kí a tó parí fíìmù wa, a fi han obìnrin mẹ́fà kan, a kò sì bi wọ́n bóyá ó yé wọn. A gbé bèbí fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ní, "Gìrì ti mú ọmọ yìí báyìí. Kí ni ẹ ó ṣe?" Gbólóhùn kan ti wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ kí a pamọ́ dandan, pé "ẹ mú ara ọmọ tutù." Méjì nínú àwọn obìnrin náà ní àwọn yóò da omi tútù lé e lórí láti ìkòkò. Ìkejì nínú wọn tilẹ̀ ní àwọn yóò wá gbé àgbo tútù, ó ṣe tán, fíìmù ló ní kí ara ọmọ tutù! Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. A yọ ọ́, a fi "ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀" rọ́pò. Nígbà tí a tún béèrè, aṣọ ni wọ́n bọ́. Báyìí ni a ṣe ń mọ̀ bóyá fíìmù yé ènìyàn: ọwọ́ wọn ni a ń wò.

N kò sọ pé fíìmù lè ṣe ohun gbogbo. Bí nọ́ọ̀sì inú fíìmù bá ní "ẹ gbé e wá," tí ìyá sì gbé ọmọ dé ilé ìlera tí kò sí òògùn ibà níbẹ̀, tàbí tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì ní òru, fíìmù náà ti purọ́ fún un, kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́. Nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ìwé fíìmù lọ sí ilé ìlera náà ní òru kí ó tó kọ gbólóhùn yẹn, kí ó rí ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Bí kò bá sí ẹni tó ṣí i, kí ó kọ orúkọ ibi tó ṣí sínú fíìmù. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá tún gbé sinimá ìlera dé ilé ìwé tàbí ọjà yín, ẹ máa ka iye ìgbà tí ará ìlú yín la ẹnu nínú rẹ̀. Bí asọ̀tàn bá sọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ìyá ọmọ náà ńkọ́, kí ni òun sọ?